VPN fásitì òkè òkun láti Òṣogbo: bí ẹ ṣe máa rí jọ́nà kà, kí ẹ sì rí lẹ́kíṣọ̀ wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí. Ẹni tó wálé wá ṣe rìsáàṣì, ẹni tí físà ò tíì jáde tó ń fi ọ́nláìn bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, ẹni tó kàn wá sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ màmá ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, VPN mi ti kọnẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ gan-an pé 'Connected', kí ló dé tí jọ́nà ṣì ń ní kí n sanwó?" Mo ti tẹ ìdáhùn yẹn lórí Wátsáàpù títí ìka fi ń dùn mí, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbì kan. Èmi náà ti lo oṣù mẹ́rin ní Òṣogbo níbí nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì kan ní Ìlú Ọba, kò sí ibi tí mi ò ti ṣubú nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bó o bá ń kánjú, fò lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa nọ́ńbà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ wọlé

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, pé VPN sì ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Rárá o. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni.

Èkíní ni jọ́nà. Wẹ́bùsáìtì jọ́nà kì í kọ́kọ́ wo ojú ẹ, ibi tó o ti ń bọ̀ ló ń wò. Gbogbo ìgbà tó o bá wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fi ń dá ẹ mọ̀, tó o bá ń lo dátà MTN tàbí Airtel ní Òṣogbo, nọ́ńbà ti MTN tàbí Airtel ni wọ́n máa rí. Fásitì ẹ ti kó àwọn nọ́ńbà tiẹ̀ fún àwọn tó ni jọ́nà, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti inú nọ́ńbà wọ̀nyí wá, èèyàn wa ni, ẹ jẹ́ kó kà á. Iṣẹ́ VPN ni láti gbé ẹ gba ilé fásitì kọjá kó o lè bọ́ síta pẹ̀lú nọ́ńbà tiwọn.

Èkejì ni lẹ́kíṣọ̀. Moodle, Canvas, Blackboard, Panopto, àwọn yẹn kì í sábà bìkítà nípa ibi tó o wà, orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù ẹ ni wọ́n fẹ́. Nítorí náà lọ́pọ̀ ìgbà, kò sídìí láti tan VPN nítorí wọn.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó wà nínú ilé fásitì gan-an, tí kò sí níta rárá: fódà tí ẹ jọ ń lò ní dìpátímẹ́ǹtì, kọ̀ǹpútà láàbù tó o fẹ́ ti ọ̀nà jíjìn lò, sọ́fítíwìà tó ní láti bi sẹ́fà ilé-ìwé bóyá kó ṣí. Fún èyí, àfi VPN.

Tó o bá ti mọ èyí tó o ń wá, ìdajì wàhálà ti tán.

## Kó o tó kúrò lọ́hùn-ún

Ẹni tó bá ṣì wà lókè òkun, jọ̀ọ́, ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó máa ń dá èèyàn dúró jù kì í ṣe VPN fúnra ẹ̀, kóòdù ni. Fásitì á ní kó o fi pásíwọ́ọ̀dù sí i, lẹ́yìn náà kó o fi kóòdù sí i. Bó bá jẹ́ pé tẹ́sì ni kóòdù yẹn fi ń wọlé sórí síìmù tó o ń lò lọ́hùn-ún, tí síìmù yẹn ò sì ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó parí. Èmi nìyẹn. Mo gúnlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo tan láptọ́ọ̀pù lálẹ́, kóòdù ò wọlé, ó di ọjọ́ Ajé kí ẹnì kan tó gbé fóònù ní ilé-ìwé mi.

Ohun tó yẹ kó o ti ṣe kó o tó gbéra:

- Kóòdù ti kúrò lórí tẹ́sì, ó ti wà lórí áàpù bíi Microsoft Authenticator tàbí Duo Mobile. Kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tí áàpù ń pa fúnra ẹ̀ kò nílò síìmù, kò tiẹ̀ nílò dátà.
- Tí ilé-ìwé ẹ bá ń fúnni ní kóòdù ìpamọ́, o ti kọ wọ́n sínú ìwé, kì í ṣe sínú fóònù kan náà.
- O ti fi áàpù VPN sórí láptọ́ọ̀pù, o sì ti fi dátà fóònù ẹ dán an wò. Wáìfáì ilé-ìwé kọ́ o. Tó o bá dán an wò nínú ilé-ìwé, o ò tíì dán nǹkan kan wò, torí inú ilé lo ṣì wà.
- Fóònù àtijọ́ ò tíì lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó o bá fẹ́ pààrọ̀ fóònù, kó áàpù kóòdù sórí tuntun kó o tó ta àtijọ́.

Tó o bá ti wà ní Òṣogbo ná tí kóòdù ò wọlé, má bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pásíwọ́ọ̀dù léraléra, wọ́n á kàn tì ẹ́ mọ́ta ni. Pe IT wọn, sọ fún wọn pé o wà ní Nàìjíríà àti pé o fẹ́ kí wọ́n tún ọ̀nà kóòdù ẹ ṣe. Wọ́n lè ní kó o gbé káàdì akẹ́kọ̀ọ́ ẹ sójú kámẹ́rà, nítorí náà má fi káàdì yẹn sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

## Bí a ṣe ń wọlé, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

1. Rí i dájú pé íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ láìsí VPN. Ṣí wẹ́bùsáìtì kan lásán. Tó o bá wà ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ibi tí wọ́n ti ń ta wáìfáì, páàjì kan wà tó o ní láti kọ orúkọ tàbí kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì sí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. VPN ò lè gba ibẹ̀ kọjá kó o tó ṣe ìyẹn.

2. Wo aago. Mo máa padà sórí èyí, ó ní ìtàn.

3. Pa VPN mìíràn tó bá wà lára láptọ́ọ̀pù. Àwọn ọ̀fẹ́ tí ẹ fi ń wo fíìmù yẹn. VPN méjì lẹ́ẹ̀kan náà dà bí ọkọ̀ méjì tó fẹ́ gba orí afárá kan.

4. Mú áàpù láti páàjì IT fásitì ẹ fúnra ẹ̀. Kálukú ló ní tiẹ̀: Cisco Secure Client (AnyConnect lorúkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀), GlobalProtect, FortiClient, eduVPN. Má lọ wá a kiri ibòmíì. Áàpù náà nìkan ò wúlò, àfi tó o bá ní àdírẹ́sì tí ilé-ìwé fún ẹ.

5. Tẹ àdírẹ́sì náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó máa ń jọ èyí, pẹ̀lú orúkọ ilé-ìwé tìẹ nínú:

```
vpn.fasiti-re.ac.uk
```

6. Tẹ orúkọ ẹ. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ilé-ìwé kan fẹ́ orúkọ kúkúrú bíi `ab123`, òmíràn fẹ́ odidi íméèlì. Tí wọ́n bá ní pásíwọ́ọ̀dù ẹ ò dáa, tó o sì mọ̀ pé ó dáa, gbìyànjú orúkọ ní ọ̀nà kejì kó o tó ronú àtipààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù.

7. Fi kóòdù sí i. Kóòdù áàpù kì í sábà lò ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ. Tó bá ti ku díẹ̀ kó yí, dúró de èyí tó ń bọ̀. Àwọn ilé-ìwé tó ń lo Duo lè gbé àpótí pásíwọ́ọ̀dù kejì síwájú ẹ láìṣàlàyé, ibẹ̀ lo máa tẹ kóòdù sí, tàbí kó o tẹ `push` kó lè pè ẹ́ lórí fóònù.

8. Má tíì ṣí jọ́nà. Ṣe àyẹ̀wò tó wà nísàlẹ̀ yìí ná.

Ìtàn aago nìyí. Àbúrò mi kan gbé láptọ́ọ̀pù àti fóònù ẹ̀ wálé nínú oṣù Kejìlá, ó ń ṣe rìsáàṣì lórí iṣẹ́ ọnà inú Igbó Ọ̀ṣun. Gbogbo kóòdù tó bá tẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀. Ó ti tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mẹ́jọ kó tó wá bá mi l'Ókè-Fìà, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Mo gba fóònù yẹn wò, aago ibẹ̀ bá tara ògiri mu rẹ́gí. Mo bá wọ sétìn. Lọ́ndọ̀nù ni fóònù gbà pé òun wà, ọmọ náà ló kàn fọwọ́ sún aago síwájú ní wákàtí kan kó lè bá ti Òṣogbo mu! Lójú èèyàn, ó dáa. Lójú fóònù, wákàtí kan ti lọ síwájú gbogbo ayé, nítorí pé ibi tó gbà pé òun wà ló fi ń ṣírò àkókò tí áàpù fi ń pa kóòdù. Kóòdù wákàtí tó ń bọ̀ ló ń tẹ̀ ránṣẹ́ láti àárọ̀. Mo tan "Set time automatically" àti "Set time zone automatically", kóòdù tó tẹ̀lé e wọlé lẹ́ẹ̀kan.

## Wo nọ́ńbà ẹ, má gba "Connected" gbọ́

Ká wá padà sórí ìbéèrè tí gbogbo yín ń bi mí. "Connected" ò sọ fún ẹ ju pé okùn ti so láàárín ìwọ àti ilé-ìwé. Kò sọ ohun tó ń gba orí okùn náà kọjá.

Ilé-ìwé kan á ní gbogbo ohun tó o bá ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ òun kọjá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní VPN odidi. Òmíràn á ní rárá, èyí tó bá ń lọ sílé mi nìkan ni kó gba ọ̀dọ̀ mi, ìyókù kó gba MTN ẹ lọ, torí òun ò fẹ́ gbé ẹrù Yúútùbù yín. VPN àbọ̀ nìyẹn, lórí páàjì IT wọn, "split tunnel" lẹ máa rí. Wàhálà ni pé wẹ́bùsáìtì jọ́nà kò sí nínú ilé fásitì ẹ. Tí VPN ẹ bá jẹ́ àbọ̀, jọ́nà á ṣì máa rí nọ́ńbà MTN, á sì ní kó o sanwó, bẹ́ẹ̀ VPN ò bàjẹ́ o, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Bó o ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tìẹ:

1. Pa VPN. Ṣí `ifconfig.me` nínú bùráúsà, tàbí kó o tẹ èyí sí Command Prompt tàbí Terminal:

```
curl ifconfig.me
```

2. Kọ nọ́ńbà tó jáde sílẹ̀.
3. Tan VPN, tún un ṣe.
4. Fi méjèèjì wéra.

Tí nọ́ńbà bá yí padà, odidi ni, jọ́nà yẹ kó ṣí. Tí kò bá yí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àbọ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe, torí àwọn ilé-ìwé kan máa ń fi àdírẹ́sì àwọn jọ́nà kún ohun tó ń gba ọ̀dọ̀ wọn, nọ́ńbà ò ní yí lórí `ifconfig.me`, síbẹ̀ jọ́nà á ṣí. Nítorí náà jọ́nà fúnra ẹ̀ ni àyẹ̀wò ìkẹyìn.

Àṣìṣe kan tí mo ń rí lójoojúmọ́: èèyàn á tan VPN lórí fóònù, á wá fi hótísípọ́ọ̀tù fóònù yẹn fún láptọ́ọ̀pù ní íńtánẹ́ẹ̀tì, á rò pé láptọ́ọ̀pù náà ti wọ VPN. Kò wọ̀ ọ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, fóònù nìkan ni VPN yẹn ń ṣiṣẹ́ fún. Orí ẹ̀rọ tó o fẹ́ fi kàwé ni kó o ti tan án.

## Ọ̀rọ̀ àbúrò mi àti African Arts

Ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, lẹ́yìn tí kóòdù wọlé tán, ó ń wá àpilẹ̀kọ kan nínú jọ́nà *African Arts* lórí JSTOR. "Connected" ti hàn. Ó ṣí JSTOR, kò rí orúkọ ilé-ìwé ẹ̀ lókè páàjì, PDF ò sì gbà á láàyè. Ó wò mí lójú, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i?" Mo ní kó dákẹ́ jẹ́jẹ́.

A ṣe `ifconfig.me`. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kí VPN tó tàn náà ló wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó tàn. Àbọ̀ ni. Ohun tá a wá ṣe nìyí, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe, ní títò:

1. Wò ó bóyá ilé-ìwé ní odidi níbìkan. Nínú áàpù VPN kan, o máa rí àtẹ kékeré tí wọ́n kọ "Group" sí, ìkan lè jẹ́ "Full tunnel" tàbí "All traffic". Tirẹ̀ ò ní. Tí tìẹ bá ní, mú un, tún nọ́ńbà wò, ó tán.

2. Ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tuntun nínú bùráúsà. Ctrl, Shift àti N lórí Chrome. Wẹ́bùsáìtì jọ́nà máa ń rántí pé lẹ́ẹ̀kan o wá láìní àṣẹ, á sì máa hùwà sí ẹ bẹ́ẹ̀ kódà tí nọ́ńbà bá ti yí. Fèrèsé ìkọ̀kọ̀ ò rántí nǹkan kan.

3. Bẹ̀rẹ̀ láti páàjì láìbìrì fásitì ẹ, kì í ṣe láti Google. Orí ibi ìwákiri láìbìrì ni kó o ti tẹ àkọlé àpilẹ̀kọ yẹn. Línkì tí láìbìrì bá fún ẹ ti mọ ọ̀nà, á mú ẹ gba ibi tó o ti máa fi pásíwọ́ọ̀dù ilé-ìwé wọlé. Ibí ni ti àbúrò mi ti ṣí. Ó ti pa VPN pátápátá kó tó kan PDF, torí kò wúlò fún un mọ́!

4. Tó o bá ti wà lórí wẹ́bùsáìtì jọ́nà ná, wá bọ́tìnnì "Access through your institution" tàbí èyí tó jọ ọ́. Tẹ orúkọ fásitì ẹ, yàn án, wọlé. Tí orúkọ ilé-ìwé ẹ bá pọ̀ ní irú ẹ̀, fara balẹ̀ yàn, ilé-ìwé tó jọ tìẹ lórúkọ kì í ṣe tìẹ.

5. Tí láìbìrì yín bá ń lo EZproxy, ìyẹn ọ̀nà tí láìbìrì fi ń gbé ẹ dé jọ́nà láìsí VPN, o lè fi ọwọ́ ara ẹ kọ́ línkì náà. Páàjì láìbìrì lo ti máa rí apá iwájú, o wá lẹ àdírẹ́sì jọ́nà mọ́ ìdí ẹ̀:

```
https://ezproxy.fasiti-re.ac.uk/login?url=https://www.jstor.org
```

Tó bá ṣiṣẹ́, wàá rí i pé àdírẹ́sì òkè bùráúsà ti yí, orúkọ ilé-ìwé ẹ ti wọ inú ẹ̀. Ìyẹn lo fi máa mọ̀.

Èmi o, tí wọ́n bá ní kí n sọ òótọ́, fún jọ́nà nìkan, ọ̀nà kẹta yẹn ni mo fẹ́ràn ju VPN lọ. Ó fúyẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀kì wa, tí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàárín, o ò ní bẹ̀rẹ̀ kóòdù láti òkè.

Tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fásitì ẹ ò ra ọdún tí àpilẹ̀kọ yẹn jáde. Ìyẹn ò kan VPN. Wo ọdún tí láìbìrì kọ sí iwájú jọ́nà náà.

## Lẹ́kíṣọ̀: pa VPN kó o tó wo fídíò

Tí VPN ẹ bá jẹ́ odidi, fídíò lẹ́kíṣọ̀ tó o bá wò á kọ́kọ́ lọ sí fásitì, á wá padà wá bá ẹ ní Òṣogbo. Ọ̀nà ẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, á máa dúró, á máa yí bírí, wàá máa bú MTN, MTN ò sì ṣẹ̀ ẹ́. Pa VPN, wọ Moodle tàbí Panopto pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù ẹ lásán. Tó bá ṣí, ó tán. Tó bá kọ̀ pé àfi inú ilé-ìwé, ìgbà yẹn ni kó o tan VPN.

Tí olùkọ́ bá gbà kí ẹ dánlóòdù fídíò, dánlóòdù rẹ̀ lóru kó o wò ó lọ́sàn-án, kí IBEDC tó mú iná wọn. Tí àwòrán ò bá ṣe pàtàkì, dín bí fídíò ṣe mọ́ kedere tó kù, ohùn ni iṣẹ́.

Nígbà tẹ́ẹ̀sì tàbí ìdánwò orí Moodle, má tan VPN, má sì pa á, láàárín. Nọ́ńbà ẹ á yí lójijì, ó lè tì ẹ́ síta. Pinnu kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Aago lẹ́kíṣọ̀ tún wà níbẹ̀ fún àwọn tí ilé-ìwé wọn wà ní Ìlú Ọba. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, a fi wákàtí kan ṣíwájú wọn: kíláàsì aago 10 àárọ̀ tiwọn, aago 11 ni ní Òṣogbo. Àwa ò yí aago wa, àwọn ló ń yí tiwọn.

## Ó kọnẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n páàjì ò parí ṣíṣí

Àmì ẹ̀ nìyí: VPN wọlé dáadáa, páàjì kékeré ń ṣí, ṣùgbọ́n tó bá kan PDF tàbí páàjì ńlá, á kàn máa yí bírí títí láé. Kì í ṣe pé nẹ́tíwọ̀kì ò lágbára. Dátà máa ń rìn ní ẹrù kéékèèké, VPN á tún fi àpò tiẹ̀ wé ẹrù kọ̀ọ̀kan, ẹrù á wá tóbi ju ojú ọ̀nà lọ. Kékeré ń kọjá, ńlá ń há.

Ohun àkọ́kọ́ ni kó o gbìyànjú nẹ́tíwọ̀kì mìíràn. Tí Airtel bá ṣe é tí MTN ò ṣe é, o ti mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù ẹ ò lẹ́bi. Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kan ṣoṣo lo ní, lórí Windows, ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí "Run as administrator", wo orúkọ tí VPN ń jẹ́:

```
netsh interface ipv4 show subinterfaces
```

Wàá rí i nínú àtẹ, ó lè jẹ́ "Ethernet 2" tàbí nǹkan mìíràn. Dín ìwọ̀n ẹrù ẹ̀ kù:

```
netsh interface ipv4 set subinterface "Ethernet 2" mtu=1300 store=active
```

`store=active` yẹn ni ààbò ẹ: tó o bá tún láptọ́ọ̀pù tàn, gbogbo ẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Tí láptọ́ọ̀pù bá jẹ́ ti ilé-ìwé, o lè má ní àṣẹ láti ṣe é, IT wọn ni kó o bá sọ̀rọ̀.

## Àwọn nǹkan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe

Má fi sọ́fítíwìà wọ́ PDF jáde lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún. Àwọn tó ni jọ́nà ń ṣọ́ ọ. Nọ́ńbà fásitì lo fi ń ṣe é, tí wọ́n bá ti nọ́ńbà yẹn pa, kì í ṣe ìwọ nìkan ló máa jìyà, gbogbo àwọn tó wà lórí ẹ̀ ni, láìbìrì á sì wá ẹ dé Òṣogbo.

Má lo VPN ọ̀fẹ́ láti fi wọ íméèlì ilé-ìwé. Yàtọ̀ sí pé o ò mọ ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹ, tí wọ́n bá rí i pé o wọlé láti Nàìjíríà ní aago 9, tó o tún wọlé láti Nẹ́dálàǹdì ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ wọn á gbà pé wọ́n ti jí pásíwọ́ọ̀dù ẹ ni, wọ́n á tì í.

Má yá ọ̀rẹ́ ní pásíwọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé ojú àánú wà, pé ọmọ UNIOSUN kan ló ń bẹ̀ ẹ́. Bá a dánlóòdù ẹyọ kan tí òfin láìbìrì bá gbà á, tàbí kó o kọ́ ọ ní ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

## Tí ohun gbogbo bá kọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀

- Fi Unpaywall sí bùráúsà. Tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó bófin mu bá wà níbìkan, á fi hàn ẹ́.
- JSTOR ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ ka àpilẹ̀kọ tó tó 100 lóṣù lórí ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kíkà ni o, kì í ṣe dídánlóòdù, kì í sì í ṣe gbogbo jọ́nà ló wà níbẹ̀.
- Kọ íméèlì ṣókí sí ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi ránṣẹ́.
- Bi láìbìrìáànì ilé-ìwé ẹ. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá ohun tí wọn ò ní láti ọ̀dọ̀ láìbìrì mìíràn.

## Ohun tó o máa kọ sí IT

Má kọ "VPN ò ṣiṣẹ́" lásán, wọ́n á kàn dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́fà, ọjọ́ méjì á lọ. Kọ ọ̀rọ̀ tó hàn lójú áàpù gan-an, tàbí kó o ya fọ́tò ẹ̀. Kọ orúkọ áàpù àti nọ́ńbà ẹ̀dà ẹ̀. Kọ nẹ́tíwọ̀kì tó o lò, kó o sọ bóyá o ti gbìyànjú òmíràn. Kọ nọ́ńbà `ifconfig.me` méjèèjì, kí VPN tó tàn àti lẹ́yìn tó tàn. Kọ àkókò tó ṣẹlẹ̀, kó o sì sọ pé aago Nàìjíríà ni, kí wọ́n má lọ máa wá ẹ nínú wákàtí tó o ò sí níbẹ̀.